Ẹtanọ́ọ̀lù pẹ̀lú omi: ta ló ti wọ̀n ọ́n rí, kí lẹ rí?

Olùkọ́ Láàbù:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbọ́ ìrírí ẹni tó ti wọn dẹ́ńsítì àdàlù ẹtanọ́ọ̀lù àti omi rí, tó sì fi ṣírò àyè tí móòlù kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú rẹ̀.

Tèmi rèé. Ẹ da 50 mílílítà ẹtanọ́ọ̀lù tí kò ní àbùlà mọ́ 50 mílílítà omi. Á gbóná díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù padà sí 25°C, kí ẹ wá wò ó: bíi 96.5 mílílítà lẹ máa bá, kì í ṣe 100. Bẹ́ẹ̀ ìwúwo kò dín rárá: ẹtanọ́ọ̀lù 39.25 gíráàmù, omi 49.85, àpapọ̀ wọn 89.10. Àyè nìkan ló sún kì.

Èyí tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni apá ibi tí ẹtanọ́ọ̀lù ti kéré. Móòlù ẹtanọ́ọ̀lù kan gba 58.7 mílílítà nígbà tó bá dá wà. Bó bá bọ́ sínú ọ̀pọ̀ omi, tí kò sí ẹtanọ́ọ̀lù mìíràn nítòsí rẹ̀, nǹkan bíi 55 ló ń gbà. Èèyàn á rò pé bí a ṣe ń fi kún un, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ padà sí 58.7. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀ sí i, ó ń dé 53, kó tó yí padà.

Alábẹ́ta:
Tèmi kì í ṣe ti láàbù o, ọ̀gá. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, mo ń po oògùn ìfọwọ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kọ ọ́: ẹtanọ́ọ̀lù 96% mílílítà 8333, haidirójìn pẹ́rọ́ksáìdì 417, gilisirínì 145, kí ó di lítà 10. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo rí i pé omi 1105 ló kù. Mo wọn ọ́n, mo dà á sí i, kò dé ìlà. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni? Nítorí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Olùkọ́ Láàbù:
Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá. Ìwọ̀n ìwúwo ló máa dáhùn yín. Ẹ wọn kẹ́ẹ̀gì àti ohun tí ẹ fẹ́ dà sínú rẹ̀ kí ẹ tó pò ó, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ lọ ni, gíráàmù á dín. Bí gíráàmù bá pé, tí àyè sì dín, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ níbí nìyẹn. Ẹ má ròó pọ̀ kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 10: ṣe ni kí ẹ máa da omi sí i títí á fi kan ìlà, bí ìwé náà ṣe wí.

Bàbá Físíìsì:
Kò le tó bẹ́ẹ̀ jàre. Ẹ da iyanrìn sínú garawa òkúta, ṣé kì í wọ àlàfo àárín òkúta ni? Omi ní àlàfo, ẹtanọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀. Ó tán.

Ọmọ Fásitì:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò rí kòtò kankan nínú tèmi. Ìlà mi lọ tààrà láti òpin kan dé èkejì. Haidirómítà ni wọ́n fún wa lò, a sì ka dẹ́ńsítì dé ìdá ẹgbẹ̀rún. Báwo lẹ ṣe rí 53?

Olùkọ́ Láàbù:
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Jẹ́ ká ṣe é papọ̀ pẹ̀lú dẹ́ńsítì inú tábìlì, ní 25°C, nípa ìwúwo. Àdàlù tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ jẹ́ 10% ní dẹ́ńsítì 0.98043. Ti 15% jẹ́ 0.97334. Ti 20% jẹ́ 0.96639.

Fi 1 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá rí àyè tí gíráàmù kan gbà: 1.01996, 1.02739, 1.03478. Ká wá wá ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà ní 15%. Mú ti 10% kúrò nínú ti 20%, kí o sì fi 0.10 pín in: 0.1482. Láti 15%, máa bá ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn lọ títí dé ibi tí gbogbo rẹ̀ á fi jẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù:

```
1.02739 + 0.85 × 0.1482 = 1.1534
1.1534 × 46.07 = 53.1
```

46.07 ni ìwúwo móòlù ẹtanọ́ọ̀lù kan ní gíráàmù, nítorí náà 53.1 mílílítà ni àyè tí móòlù kan ń gbà níbẹ̀. Ṣe bákan náà ní 5%, wàá rí nǹkan bíi 54.1. Ṣe é ní 20%, wàá rí 53.4. Kòtò rẹ nìyẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà nítòsí 15%.

Wàyí o, jẹ́ kí dẹ́ńsítì méjì tó o yọ kúrò nínú ara wọn yẹn fi 0.001 ṣì, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ á yí ní nǹkan bíi 0.02, ìdáhùn rẹ á sì yí ní bíi 0.8. Gíga kòtò náà láàárín 15% sí 20% kò sì tó 0.3. Haidirómítà yín ti bo kòtò mọ́lẹ̀. Ìgò dẹ́ńsítì ni kí ẹ lò, èyí tí ìdérí rẹ̀ ní ihò tín-ín-rín, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó ń ka dé ìdá ẹgbẹ̀rún gíráàmù ó kéré tán. Ẹ má fi ọwọ́ gbá ikùn ìgò náà mú, ọrùn ni kí ẹ dì mú, torí ooru ọwọ́ á ti díẹ̀ jáde látinú ihò yẹn. Ẹtanọ́ọ̀lù lásán ń pàdánù nǹkan bíi 0.00086 nínú dẹ́ńsítì rẹ̀ bí ooru bá fi ìwọ̀n kan gòkè.

Bàbá Físíìsì:
Ó dáa, kòtò wà. Àlàfo ṣì ni mo pè é.

Olùkọ́ Láàbù:
Ẹ ò jìnnà sí i, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ wo omi inú àdàlù 15% yẹn. Ẹ fa ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà padà sẹ́yìn dé ibi tí ẹtanọ́ọ̀lù ti tán: 1.02739 dín 0.15 × 0.1482 jẹ́ 1.0052, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 18.015, ìwúwo móòlù omi kan, ó di 18.11. Omi tó dá wà ń gba 18.07. Omi ń gba àyè tó ju tẹ́lẹ̀ lọ! Ibi tí ẹtanọ́ọ̀lù ti kéré jù náà ni ti omi ti pọ̀ jù, àwọn méjèèjì ò lè yapa. Òkúta ò lè wú nítorí pé iyanrìn wọ àárín rẹ̀.

Iye yìí kì í ṣe bí nǹkan ṣe tóbi tó. Bí àpapọ̀ ṣe yí nígbà tí a fi díẹ̀ kún un ni. Ó tilẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ òdo: magnísíọ̀mù sọ́fétì tí a kọ́kọ́ fi sínú ọ̀pọ̀ omi ní −1.4 mílílítà fún móòlù kan. Ẹ fi iyọ̀ sí i, omi náà sún kì.

Arìnrìnàjò:
Ṣebí Mẹndẹléfù, onímọ̀ kẹ́místrì ará Rọ́ṣíà yẹn, ti yanjú èyí ní 1865 nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí ọtí àti omi? Ó ní móòlù omi mẹ́ta ló ń so mọ́ ẹtanọ́ọ̀lù kan. Kòtò yín nìyẹn.

Olùkọ́ Láàbù:
Ibòmíràn ni tiẹ̀ wà. Ibi tí àpapọ̀ ti ń sún kì jù ló ń wò, ìyẹn sì wà nítòsí 46%. Kòtò ẹtanọ́ọ̀lù wà ní 15%, níbi tí nǹkan bíi omi mẹ́rìnlá ti yí ẹtanọ́ọ̀lù kan ká. Ohun tí àwọn omi yẹn ń ṣe gan-an ni àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní omi ń tò yí apá tí kò fẹ́ omi nínú ẹtanọ́ọ̀lù ká. Mo fara mọ́ ọn díẹ̀, nítorí kòtò náà ń tẹ́ bí ooru bá ń pọ̀.

Ọmọ Fásitì:
Ẹ ṣé gan-an sà. Láàbù wa ò ní ẹ̀rọ tó ń mú ooru dúró sójú kan o.

Olùkọ́ Láàbù:
Bèsíìnì ńlá tó kún fómi tó. Ẹ gbé gbogbo ìgò sínú rẹ̀ dé ọrùn, kí tẹ̀mómítà wà níbẹ̀, kí ẹ ní sùúrù fún un. Bí ó bá dúró sí 28°C, ẹ wọn gbogbo rẹ̀ ní 28°C, títí kan omi lásán. Kí ẹ sì kọ́kọ́ wọn ẹtanọ́ọ̀lù inú ìgò yín ná: bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní 25°C tó fún yín ní 0.800 dípò 0.785, omi bíi 5% ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Alábẹ́ta:
Mo wọn kẹ́ẹ̀gì náà lánàá. Gíráàmù pé.