Ẹ bá mi wo àlàyé owó ẹ̀rọ fọtokọ́pì yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ni mo wà ní iléeṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́. A béèrè fún ẹ̀rọ fọtokọ́pì nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá sì dá ìwé wa padà: "Èrè wo ló wà níbẹ̀?" Kò kúkú jẹ̀bi, "ẹ̀rọ wa ti gbó" nìkan la kọ. Mo wá tún un kọ báyìí:

"Ojú ìwé 4,000 là ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níta lóṣù, ní ₦50 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦200,000. Ẹ̀rọ tuntun jẹ́ ₦1,800,000. Íńkì, pépà, iná àti àtúnṣe rẹ̀ yóò gba ₦20 lórí ojú ìwé kan, ìyẹn ₦80,000 lóṣù. ₦120,000 ni a ó máa rí fi pamọ́; oṣù 15 ni owó ẹ̀rọ yóò fi padà."

Ibi tó rú mi lójú nìyí: òjíṣẹ́ wa ń lo wákàtí méjì lóòjọ́ ní ìdí ẹ̀dà yìí. Mo fẹ́ sọ ọ́ di owó, ṣùgbọ́n akáǹtáǹtì ní owó oṣù rẹ̀ kò ní tìtorí ẹ̀rọ dín kù. Ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n kọ ọ́ lọ́tọ̀, láìfi owó sí i? Bí iṣẹ́ bá sì já sí ojú ìwé 2,500, oṣù 15 yóò di 24. Ṣé kí n fi ìyẹn náà han ọ̀gá?