Ẹ̀yin tó ń gbowó oṣù, ẹ sọ tiyín ká tó pàdé ní Sátidé

Ẹni tó ń pè yín, Kàbà: Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Agogo mẹ́jọ alẹ́ Sátidé yìí, a ó pàdé lórí Zoom lọ́fẹ̀ẹ́, ká jọ sọ̀rọ̀ owó yíyá lórí fóònù. Kí n ti tèmi ṣáájú. Owó oṣù mi pẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo bá yá 20,000 náírà lórí áàpù kan. 17,200 ló wọlé. Wọ́n ti yọ èlé 2,800 kí owó tó dé ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹrìnlá wọ́n ní kí n dá 20,000 padà. N kò ní in, mo tún san 2,800 kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ìgbà méje ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, èlé nìkan ti di 22,400, 20,000 ṣì wà lọ́rùn mi.

Mọ̀pà: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa yá wa lówó lọ́jọ́ náà? Owó ilé mi ti tó san.

Kàbà: Rárá o, àbúrò. Ọ̀rọ̀ nìkan ni.

Ìsánlú: Ṣebí 14 nínú 100 ni 2,800 yẹn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń gba 10. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ìyá akápò, Ẹ̀gbẹ̀: Ọmọ mi, ọjọ́ lo gbàgbé. Tọdún kan ni 10 tiyín. 2,000 lórí 20,000, ó parí. 14 ti áàpù, tọ̀sẹ̀ méjì ni. Bẹ́ẹ̀ 17,200 ló lò, kì í ṣe 20,000, nítorí náà ó ju 16 lọ.

Ìsánlú: Ha! Ẹ ṣé, Mà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ dáwó fún oṣù mẹ́fà, kó mú onídùúró méjì wá. Tọ́mọ bá ń ṣàìsàn lálẹ́ ńkọ́?

Ìyá akápò: Ìyẹn le lóòótọ́. Àwa náà ń jà lórí ẹ̀ nípàdé.

Ayétòrò: Èmi tẹ "Allow" nígbà tí áàpù béèrè nọ́ńbà inú fóònù mi. Ọjọ́ kan péré ni mo fi pẹ́, wọ́n ti kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé olè ni mí. Ìdí tẹ́rù ìforúkọsílẹ̀ yín fi ń bà mí nìyẹn.

Kàbà: Ó yẹ kó bà ọ́. Wò ó: tẹ líǹkì tí mo fi sókè, kọ orúkọ, ímeèlì àti irú iṣẹ́ tí o ń ṣe, kí o tẹ "Register". Líǹkì ìwọlé tìrẹ á wá sínú ímeèlì. Bí o kò bá rí i, wo inú "Spam". Má fún ẹlòmíì, ìwọ nìkan ló wà fún. A ò ní béèrè BVN, a ò ní béèrè OTP tàbí nọ́ńbà káàdì. Ojú ìwé tó bá béèrè wọn, tiwa kọ́.

Mọ̀pà: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kì í gbé fídíò lálẹ́.

Kàbà: Pa fídíò tìrẹ, gbọ́ ohùn nìkan. Bó bá já, líǹkì kan náà ni wàá tún tẹ̀.

Mọ̀pà: Owó ilé yẹn ńkọ́ báyìí?