Bàbá mi ti lọ, iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ṣì wà lọ́rùn mi

Ọmọ Aláró:

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi, ó gùn díẹ̀.

Apòògùn ni mí ní ọsibítù ìjọba kan ní Èkó. Mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, mo lọ́kọ, mo bímọ. Iṣẹ́ náà kò burú. Owó oṣù ń wọlé, àwọn èèyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá mi fẹ́ ni mò ń ṣe, kì í ṣe èyí tí ọkàn mi fẹ́.

Ìyá bàbá mi ló ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń lo ìsinmi ní kékeré. Wọ́n á se ẹ̀kọ láfún, wọ́n á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sórí aṣọ funfun, láìfi rúlà wọn nǹkan kan. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń di ìyẹ́ náà mú kí ìlà má baà nípọn níbì kan kó tún tín-ín-rín níbòmíràn. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe JAMB, iṣẹ́ ọnà ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní Ifẹ̀. Bàbá mi gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ìpòògùn sí i. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyá mi dúdú títí wọ́n fi kú. Ọmọ tèmi kò ní fi ọwọ́ dúdú jẹun." Bẹ́ẹ̀, owó aró yẹn náà ló rán bàbá mi níléèwé.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, kì í ṣe àwọn nìkan ni mò ń sunkún. Mo ń sunkún obìnrin kan tí ǹ bá ti jẹ́. Mo lè wà nídìí kọ́ńtà tí mò ń ka oògùn sínú àpò, kí n máa rò ó pé níbo ni obìnrin yẹn wà báyìí, aṣọ wo ló ń yà lọ́wọ́. Bí mo bá rí àdìrẹ lọ́rùn ẹnì kan lójú títì, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀? Ta ni mo sì fẹ́ bínú sí, nígbà tí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà ti wọlẹ̀? Màmá mi ṣì wà láyé. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ohun tí mò ń sọ yìí.

Ṣẹ́gun A.:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ayé ò tó nǹkan. Láísẹ́ǹsì yín sì ṣì lè máa bọ́ yín. Àwọn tó ní ilé oògùn tí kì í ṣe apòògùn ń wá irú yín kiri. Ẹ fún wọn lórúkọ yín, wọ́n á máa sanwó fún yín lóṣooṣù, ẹ̀yin á jókòó sílé máa ya aṣọ yín. Mo mọ ẹni tó ń ṣe é, kò sí wàhálà.

Apòògùn Ìlọrin:

Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Apòògùn lèmi náà, mo sì ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń já sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé oògùn, òun ni òfin mọ̀. Bí ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ bá ta oògùn tí kò yẹ fún aláboyún, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí aṣọ ni wọ́n máa wá pè. Àjọ PCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn máa ń ti irú ilé oògùn bẹ́ẹ̀ pa, ìwé àṣẹ apòògùn náà sì lè bá a lọ.

Ibi tí Ṣẹ́gun ti sòótọ́ ni pé láísẹ́ǹsì lè bọ́ yín láìṣe pé ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Adelé ni ọ̀nà tó mọ́. Bí apòògùn ilé oògùn kan bá lọ ìsinmi tàbí tó bímọ, ẹ ó dúró fún un, ẹ̀yin gan-an ó wà níbẹ̀, wọ́n ó sanwó ọjọ́ tí ẹ bá ṣe. Nítorí ìyẹn, bí ẹ tiẹ̀ fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí láísẹ́ǹsì ọdọọdún já, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń béèrè fún un bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì kà. Owó ìfẹ̀yìntì yín kì í ṣe owó tí ẹ máa kó jáde lọ fi ra ìkòkò aró. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ẹni tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò ríṣẹ́ míì, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ ló lè béèrè. Ìyókù á máa dúró dè yín.

Túndé Mánṣẹ́sítà:

Àǹtí, ó ti sú yín ni. Ẹ máa bọ̀ níbí. Ọdún kan ni ẹ máa fi ka OSPAP, ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn tó wá láti ilẹ̀ míì, ní fásitì, ẹ ó fi ọdún kan míì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó ṣe ìdánwò, ó tán. Níbí, wọ́n mọyì apòògùn.

Ọmọ Aláró:

Túndé, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ìpòògùn ni mo fẹ́ sá fún, o tún ní kí n lọ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú òtútù.

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn, ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ ti owó ìfẹ̀yìntì yẹn.

Ìyá Ìbejì:

Ọmọ mi, èmi jẹ́ òbí tó ṣe irú ohun tí bàbá rẹ ṣe. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú wa. Nígbà tí wọ́n gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, owó tí èmi àti ọkọ mi kó jọ sí báńkì di yẹpẹrẹ lójú wa. Télọ̀ tó wà ládùúgbò wa, ọ̀jáfáfá ni, ó ta máṣíìnì rẹ̀ kó lè rí oúnjẹ jẹ. Dókítà ìsàlẹ̀ ilé wa rí fíìsà, ó lọ sí Sáúdì. Ojú wa ló ṣe. Nígbà tí ọmọ mi ní eré orí ìtàgé lòun fẹ́ kọ́, télọ̀ yẹn ni mo rí. Lọ́yà ló ń ṣe lónìí. Mi ò tíì lè sọ pé mo ṣìnà, mi ò sì lè sọ pé inú ọmọ náà dùn.

Bíbínú sí bàbá rẹ kò léèwọ̀, kódà bí wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ dúdú tí wọ́n ń sọ yẹn, ọwọ́ ìyá wọn ni. Kí ojú wọn tó rí i bí ìyà, wọ́n ti rí nǹkan.

Aláró Ìtòkú:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọmọ Aláró. Inú ilé aró ni wọ́n bí mi sí ní Abẹ́òkúta, òun ni mo ṣì ń ṣe jẹun.

Nǹkan méjì ló lọ́ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọdébìnrin kan náà sì wà tí ì bá ti jókòó ti ìyá àgbà, kó gba gbogbo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kú. Bí ẹ bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ lè rí àkọ́kọ́ gbà. Kò sí ìwé tó lè gba ìkejì padà fún yín. Bó bá jẹ́ torí ìkejì lẹ ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ó dé ìdí aró, ẹ ó bá ẹkún yín níbẹ̀, ẹ ó sì rò pé aró ló já yín kulẹ̀. Mo ti rí i lára àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Obìnrin tí ẹ ń rí lọ́kàn yẹn, yíyà ló ń yà nígbà gbogbo. Àwa kì í ráyè yà tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, ó máa bó nínú aró, àwọ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, òpó Mápó yín á di ẹrẹ̀. Torí ìyẹn la kì í rẹ ẹlẹ́kọ pẹ́. À ń kì í bọ̀ ọ́, à ń yọ ọ́, à ń sá a kó gbẹ, à ń tún un kì bọ̀ ọ́. Bó bá jáde, ó máa rí bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Bí kò bá yí padà, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ń ṣàn dànù nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ìkòkò ti kú, iṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ti lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi eérú sílẹ̀ fún kọ́sítíìkì, torí ó yá. Láyé Aláké Adémọ́lá Kejì, ní àwọn ọdún 1930, wọ́n tiẹ̀ fòfin dè é nítorí ohun tó ń ṣe fún aṣọ, ṣùgbọ́n ó padà wá. Ó ń jó ọwọ́, kò ṣeé fọwọ́ lásán mú. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, oníbàárà á wá fi aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà dá yín lóhùn pé, "Èyí náà àdìrẹ ni, ó sì dínwó."

Mi ò fi èyí lé yín sá. Ohun tí ǹ bá ṣe nìyí: ẹ gba ìsinmi ọdún yín, ẹ ṣe aṣọ kan láti orí sísè ẹ̀kọ títí dé orí títà. Kí ẹ sì tà á fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ṣoore. Ẹ kíyè sí ibi tó ti sú yín.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń ya aṣọ àti ẹni tó ń rẹ ẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Aládìrẹ á yà á tán, á gbé e fún aláró, á sanwó rẹ̀. Kò sí dandan kí ẹ ní ìkòkò. Yíyà ṣeé ṣe lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀, nínú ilé yín ní Èkó.

Ọmọ Aláró:

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an. Ìyá àgbà ń ya aṣọ, wọ́n tún ń rẹ ẹ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé tí n kò bá ṣe méjèèjì, kì í ṣe iṣẹ́ wọn ni mo ṣe. Ṣé tí mo bá kàn ń yà á lálẹ́, kì í ṣe pé mo tún ń tan ara mi jẹ nìyẹn, kí n lè dúró síbi tí bàbá fi mí sí?

Aláró Ìtòkú:

Mi ò mọ̀, màmá. Ìyẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tí aṣọ kan bá ti jáde.

Apòògùn Ìlọrin:

Bí ẹ bá wá rí i pé àfi kí ẹ lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní ìsinmi láìgbowó, kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

Ọmọ Aláró:

Màá béèrè. Ti màmá mi ló kù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì:

Má gbé ẹjọ́ lọ. Béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ kọ fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́ wọn. Kò dájú pé ohùn wọn ṣọ̀kan lọ́jọ́ náà. Béèrè aṣọ ìyá àgbà pẹ̀lú, ìyàwó ilé kì í da irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nù.

Ọmọ Aláró:

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Màá wá ìgbà kan lọ bá wọn, àmọ́ ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n Aláró, tí ìsinmi mi bá bọ́ sí i, ṣé mo lè wá sọ́dọ̀ yín?

Aláró Ìtòkú:

Ẹ máa bọ̀. Aṣọ òwú funfun ni kí ẹ rà, èyí tí kò ní pọ́líẹ́sítà nínú rárá, torí aró kì í mú pọ́líẹ́sítà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e wá, kí sítáàṣì tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ lè jáde.