Ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí kí àbúrò mi tó fi BVN ránṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo wà. Àbúrò mi obìnrin rí iṣẹ́ akọ̀wé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní Ìlọrin ni ọ́fíìsì wà, owó oṣù ₦250,000, wọn ò sì béèrè ìrírí kankan. Wọ́n ní kó fi NIN àti BVN ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.

Mo ní kó sinmi ná. Mo tẹ àdírẹ́sì ìkànnì wọn sí whois, `Creation Date` fi hàn pé kò tíì pé ogún ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé àwọn ti ń ṣiṣẹ́ láti 2009! Nígbà tí mo wo CAC, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà RC rẹ̀ sì bára mu. Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú. Àbí wọ́n kàn jí nọ́ńbà ẹlòmíràn lò ni? Ó ṣe tán, ẹnikẹ́ni ló lè rí i kà.

Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tún kọ ọ́ wínníwínní pé ₦7,500 ni owó fọ́ọ̀mù, "a ó dá a padà lóṣù àkọ́kọ́". Orúkọ èèyàn ló wà lórí àkáǹtì náà, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Bàbá wa ní kò burú, pé owó fọ́ọ̀mù ti wà látijọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè bá ilé-iṣẹ́ gidi tó ni RC yẹn sọ̀rọ̀, láìlo nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì yìí? Ṣé ó sì níṣẹ́ tó ń béèrè BVN kí wọ́n tó fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò?

Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi báyìí ni: ó ti fi fọ́tò NIN ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Kí la máa ṣe sí ìyẹn?