Ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn níbi iṣẹ́: kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo máa ń kọ ìwé ìbánikẹ́dùn níbi iṣẹ́ wa. Nígbà tí ìyá ẹnì kan tó ń ṣe Kátólíìkì kú, èyí tí mo kọ dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, mo sì fi pamọ́ sínú fóònù. Lẹ́yìn náà ni baba ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ mùsùlùmí jáde láyé. Mo yí orúkọ padà, mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì: "À ń retí ọjọ́ ìsìnkú. Baba á tún padà yà lọ́dọ̀ yín." Wọ́n sì ti sin baba láti ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀! Nígbà tí mo délé wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fóònù sí mi lójú, ó fi ìka tọ́ gbólóhùn ìkẹyìn, ó ní: "Àbúrò, èyí kì í ṣe àdúà tiwa." Kò pariwo, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dòní. Ní báyìí, ẹlòmíràn nínú wa ti pàdánù ìyá rẹ̀. Ìjọ àtúnbí ló ń lọ. Kí ni kí n kọ?

Tísà Kétu: Ẹ má da ara yín láàmú. "Kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n, kó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ohun tí mo ń kọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò bínú rí.

Àǹtí Ṣábẹ̀ẹ́: Tísà, ẹ má bínú, ìyẹn kò bá gbogbo ilé mu. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Kátólíìkì ni ìyá mi, ilé àtúnbí ni mo sì fẹ́ sí, nítorí náà mo ti jókòó níbi ọ̀fọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mùsùlùmí fẹ́ àdúà ìdáríjì yẹn gan-an. Kátólíìkì náà ń bẹ Ọlọ́run fún òkú, wọ́n ń ṣe misa fún un. Ṣùgbọ́n àwọn àtúnbí gbà pé bí ẹ̀mí bá ti bọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ ọkọ mi sọ pé kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n. Ọkọ mi ní: "Ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ Jésù." Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu onítọ̀hún.

Torí náà, ẹ kọjú àdúà sí ẹni tó wà láyé: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run tù yín nínú. Ẹ̀yìn màmá á dára." Ti mùsùlùmí, ẹ tètè lọ, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń sin òkú. Ẹ lè sọ pé, "Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí." Bó bá jẹ́ pé ọkọ obìnrin ló kú, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni opó rẹ̀. Ẹ má bi í pé ìgbà wo ló ń padà síṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò mọ ti ẹ̀sìn o. Ọ̀kan nínú ìbejì mi ló lọ. Ọ̀gá mi kọ "ikú" lẹ́ẹ̀mẹta sínú ìwé kan ṣoṣo, mi ò lè kà á tán. Àwọn Gùn tí a jọ ń gbé kì í sọ pé ìbejì kú, wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Obìnrin Gùn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá, ó gbé Kẹ́hìndé lé itan, ó ní: "Mo gbọ́ pé èkejì rẹ̀ lọ ṣẹ́gi. Ẹ kú ìtọ́jú èyí tó dúró." Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Ọmọ Sẹ́lẹ́: Aṣọ náà ń sọ̀rọ̀ o. Ìjọ wa kì í wọ dúdú, kì í wọ pupa. Àjàṣẹ́ níbí la ti dá a sílẹ̀ ní 1947, síbẹ̀ gbogbo àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ló wọ dúdú wá sin bàbá mi. Ẹnikẹ́ni ò lé wọn, àmọ́ èmi ọmọ olóòkú ni mo ń yá aṣọ funfun kiri ládùúgbò láti fi bò wọ́n léjìká.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ti Àǹtí ni mo kọ, mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ dákun, ọjọ́ ogójì baba ọ̀rẹ́ wa ti ń bọ̀. Ṣé kí a kọ̀wé sí i?

Tísà Kétu: Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì lọ jẹ sàárà.

Àǹtí Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ béèrè ná. Bàbá mi ṣe ogójì fún ìyá rẹ̀, àbúrò mi sì kọ̀ láti wá, ó ní kò sí nínú ẹ̀sìn. Ilé kan náà o.