Aláàtì tó dì mí lọ́wọ́ mú nígbà tí mo ti fẹ́ tà

Tíṣà Àná

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọdún 33 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí n tó fẹ̀yìntì. Inú àpò ìdókòòwò kan tó ń ra ìpín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ pa pọ̀ ni mo kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí mo tọ́jú sí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tó fi di ẹyọ 400. Tí mo bá ṣírò gbogbo owó tí mo san, ẹyọ kan jẹ́ 64 fún mi. N kò ní dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan, kálukú lè fi owó tirẹ̀ rò ó.

Nígbà tí ẹyọ kan wọ 100 ni wàhálà mi bẹ̀rẹ̀. N kò tíì fọ ẹnu láàárọ̀ tí mo fi ń ṣí áàpù. Mo tún ń ṣí i tí mo bá fẹ́ sùn. Tó bá fi 1 gòkè, inú mi á dùn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Tó bá fi 1 sọ̀kalẹ̀, ọkàn mi kò ní balẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Ọmọ mi obìnrin ló ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí fóònù máa bá yín wò ó." Ó fi ibi tí wọ́n ti ń ṣètò aláàtì hàn mí, ó ní kí n mú nọ́ńbà kan, pé bí iye ẹyọ bá já dé ibẹ̀, fóònù á ké. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù. Tí mo bá mú 98, yóò máa ké ní gbogbo ìgbà, kò sì ní yàtọ̀ sí wíwò tí mò ń wò tẹ́lẹ̀. Tí mo bá mú 60, ẹ̀rù á ti lé mi jáde kí ó tó ké. Mo wá bi ara mi pé, ibo ló máa dé tó máa yẹ kí n jókòó ronú lóòótọ́? Mo mú 85. Àyè kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí, tí ọ̀rọ̀ náà á sì bá aláàtì jáde. Ọmọ mi ní kò pọn dandan. Mo kọ síbẹ̀ pé: "Ìwé máàkì. Ojú ewé kìíní. Kà á kí o tó fọwọ́ kan nǹkan."

Ìwé máàkì àtijọ́ kan tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ara mi balẹ̀, mo kọ sí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ pé 2,400 ni mò ń yọ lọ́dún lé owó ìfẹ̀yìntì mi, àti pé 7,200 wà ní báǹkì tí kò sí nínú ọjà rárá. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Mo wá kọ ohun méjì tó lè mú mi tà: bí mo bá máa nílò ju 7,200 yẹn lọ kí ọdún mẹ́ta tó pé, tàbí bí àwọn tó ń bójú tó àpò náà bá yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rajà padà tàbí kí wọ́n fi kún owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà. N kò kọ iye tó já wálẹ̀ mọ́ ọn.

Oṣù márùn-ún kọjá, aláàtì kò ké. Mo jáwọ́ nínú wíwò, torí mo mọ̀ pé tí kò bá tíì ké, kò tíì dé 85.

Lọ́sẹ̀ kan ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ni fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ti kó tòun jáde. Mo ṣí áàpù, mo bá 88. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di 86. Mo ṣírò rẹ̀ láti 100: ìyàtọ̀ 14, ní ọ̀nà 400, jẹ́ 5,600. Ohun tí mò ń yọ ní ọdún méjì kò tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo tẹ "Tà". Mo kọ 400. Ojú ewé tó ń béèrè bóyá ó dá mi lójú jáde. Bí mo ṣe ń gbé ìka lọ síbẹ̀ ni fóònù gbọ̀n, tí nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ láti òkè, tó sì bo ibi tí mo fẹ́ tẹ̀. 84.90 ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo dìde lọ wá ìwé. Abẹ́ àwọn gíláàsì ojú mi àtijọ́ ló wà nínú dúrọ́ọ̀, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rí i. Nígbà tí mo fi padà dé, ojú ewé títà ti pa ara rẹ̀ dé, ó ní kí n tún wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀.

N kò tíì wọlé. Bírò ni mo mú. 85 lọ́nà 400 jẹ́ 34,000. 64 lọ́nà 400 jẹ́ 25,600. Mo ṣì fi 8,400 jèrè. 5,600 tí mò ń sunkún rẹ̀, láti ọjọ́ tó ga jù ni mo ti ń kà á. Owó báǹkì wà níbẹ̀ digbí. Mo ka ìbéèrè méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ìdáhùn méjèèjì.

N kò tà. Kí n má purọ́ fún yín, ó sọ̀kalẹ̀ dé 78 lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo sì ṣàìsùn lóru méjì. Lónìí, 91 ló wà. Ta ló tún ti rí irú èyí?

Ọmọ Kíákíá

Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n aláàtì nìkan kò tó lójú tèmi, torí ẹni tẹ́rù ń bà náà ló ṣì máa pinnu. Èmi ti pàṣẹ fún áàpù pé kí ó tà fúnra rẹ̀ bó bá ti kan 90. Mi ò ní ohunkóhun láti rò, mi ò sì lè pàdánù ju 10 lọ láéláé.

Àgbà Káńtà

Ọdún 21 ni mo lò nídìí káńtà alágbàtà ìpín. Ọmọ Kíákíá, o gba ibì kan o, torí òótọ́ ni pé ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn ronú. Ibi "láéláé" yẹn ni mo ti fẹ́ dá ọ dúró. 90 tí o kọ yẹn kì í ṣe iye tí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ rẹ, ibi tí àṣẹ rẹ ti máa jí ni. Jẹ́ ká ní ọjà pa dé ní 93 lálẹ́. Ìròyìn burúkú dé lóru, ọjà sì ṣí ní 86 láàárọ̀. Kò sí ẹni tó san 90 láàárín méjèèjì. Àṣẹ rẹ jí, ó sì tà ní 86 tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá wá padà sí 92 kí ilẹ̀ tó ṣú, o ti jáde. Mo ti gba ìpè irú èyí láti ẹnu àwọn tó ń sunkún.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá gbogbo ọjà ìpín Amẹ́ríkà dúró fún ìṣẹ́jú 15 torí pé ó ti já ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ: ní ọjọ́ 9, 12, 16 àti 18. Láàárín oṣù kan péré, atọ́ka S&P 500, tó ń ṣírò ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà pa pọ̀, pàdánù nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ló kọjá ibi tó ga dé tẹ́lẹ̀. Àwọn tí àṣẹ wọn tà wọ́n jáde ní oṣù kẹta ní láti fọwọ́ ara wọn pinnu ìgbà tí wọ́n máa padà wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà lákòókò.

Màmá, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú tiyín ni ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Lọ́jọ́ tí àpò bá pín èrè, iye ẹyọ sábà máa ń fi iye èrè yẹn sọ̀kalẹ̀, aláàtì á sì ké láìsí ohun tó bàjẹ́. Èkejì ni pé áàpù mìíràn ń lo iye tó ti pẹ́ ní ìṣẹ́jú 15, nítorí náà ohun tó ké sí yín lè ti kọjá.

Ìyá Àbúrò

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aláàtì tí báǹkì máa ń fi ránṣẹ́ nìyí? Tèmi ti ké léraléra lóṣù yìí, owó ni wọ́n ń yọ. Ṣé kí n wá ìwé máàkì bíi ti Màmá?

Tíṣà Àná

Rárá o, Ìyá Àbúrò. Tiyín ń sọ pé owó ti jáde. Tèmi kò fọwọ́ kan owó rárá, iye ọjà ló ń wò. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń yọ owó yín, ẹ tètè pe báǹkì lónìí, ẹ má dúró ka ìwé kankan.

Abẹ́ Òrùlé

Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi náà, torí ó yàtọ̀. Èmi náà ní aláàtì, mo sì kọ "Má bẹ̀rù" mọ́ ọn. Ìpín ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo rà. Ó ké ní 40, mo ní kí n má bẹ̀rù. Ó ké ní 30, ohun kan náà ni mo sọ. Gbèsè ń jẹ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti sún ìgbà tí wọ́n máa gbé ìṣirò owó wọn jáde síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo ti pinnu pé ojo ni ẹni tó bá tà. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ọjà, mi ò rí kọ́bọ̀ mú jáde. Mo ṣì ń bi ara mi bóyá ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo nílò aláàtì iye rárá, àbí ti ìròyìn.

Tíṣà Àná

Abẹ́ Òrùlé, ó dùn mí. Tí èmi náà bá ti kọ "Má bẹ̀rù", bóyá ibi kan náà la jọ máa wà, torí ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Ilé-iṣẹ́ kan lè kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ṣòro kí wọ́n kú pa pọ̀ lọ́jọ́ kan, ohun tí mo sì gbára lé nìyẹn nígbà tí mo mú 85 láìbẹ̀rù. N kò mọ ohun tí mi ò bá kọ ká ní ilé-iṣẹ́ kan ni.

Àgbà Káńtà

Mi ò bá ti kọ ọ́ pé: "Kí ló yí padà nínú ilé-iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí iye?" Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó dáhùn ìyẹn dáadáa tó sì ṣì pàdánù.

Ọmọ Kíákíá

Mo ti gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ tèmi kúrò. Mo mọ ara mi, tí fóònù bá ké tí mo sì ní láti ronú, màá tà ní ibi tó burú jù. Bóyá màá gbé e sísàlẹ̀ díẹ̀.

Tíṣà Àná

Mo ti tún ṣètò méjì: 80 àti 70. Lánàá mo ṣe ìdánwò, mo fi ọ̀kan sí ibi tó fi díẹ̀ kéré sí iye ọjà kí n lè rí i bóyá yóò ké. Kò ké. Ọmọ mi wò ó, ó ní ètò tó ń tọ́jú bátìrì ló ń pa áàpù náà tí n kò bá lò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó yọ áàpù náà kúrò nínú ètò yẹn, mo tún dán an wò, ó sì ké lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin.