Ògúnlànà di Olúlànà: kí ni ká máa pè é?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Kí ló dé tí orúkọ òrìṣà fi wà nínú orúkọ ilé kan, tí kò sì sí nínú ti òmíràn? Bí onígbàgbọ́ bá sì sọ Ògúnlànà di Olúlànà, ṣé "ìyípadà orúkọ" tó láti fi pè é, àbí ó yẹ ká dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀?

Ajíhìnrere kan, Ìlọrin: Mo dábàá "ìrìbọmi orúkọ", nítorí pé orúkọ náà ti wọ inú omi, ó sì ti jáde ní tuntun. Gbogbo orúkọ tó bá fi Fa bẹ̀rẹ̀, Ifá ló wà nínú rẹ̀. Fadékẹ́mi kan wà nínú ìjọ wa tó ti ń múra láti di Olúkẹ́mi.

Olùkọ́ èdè kan, Ìbàdàn: Ẹ bá mi sọ fún arábìnrin yẹn kó má fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀ o. "Fi adé kẹ́ mi" ni Fadékẹ́mi, kò sí Ifá níbẹ̀ rárá. Ohùn òkè ló wà lórí Fá tó bẹ̀rẹ̀ Fábùnmi, ohùn àárín ló sì wà lórí Fa ti Fadékẹ́mi.

Ní ti ìbéèrè, nígbà mìíràn ọmọ tí a tọrọ ló ń mú orúkọ òrìṣà wọlé: obìnrin tó bẹ Ọ̀ṣun kó tó lóyún lè sọ ọmọ náà ní Ọ̀ṣúnbùnmi. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n ń ṣe nílé bàbá ọmọ ni orúkọ ń sọ. Fá ń tọ́ka sí ilé awo, Ògún sí ilé ọdẹ àti ti alágbẹ̀dẹ, Ọ̀jẹ̀ sí ilé eégún. Ẹni tó bá gbọ́ Ògúnlànà, kó rántí àdá tí ọdẹ fi ń ṣán igbó, nítorí pé irin ló la ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí wọ́n bá wá sọ ọ́ di Olúlànà, ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀, irin ni kò sí mọ́. Ìparí orúkọ kì í sábà yí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ìpààrọ̀ orí orúkọ". Fádípẹ̀ àti Ògúndípẹ̀ lè di Olúdípẹ̀ bákan náà, ẹni tó bá sì bá Olúdípẹ̀ pàdé lónìí kò lè mọ èyí tó ti ilé awo wá nínú àwọn méjèèjì.

Gbogbo òrìṣà kọ́ ni ìyà yìí jẹ bákan náà. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884 fi Èṣù pe ọ̀tá Ọlọ́run, láti ìgbà náà ló sì ti ṣòro fún onígbàgbọ́ láti máa jẹ́ Èṣùbíyìí. Àwọn kan sọ ọ́ di Jésùbíyìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé fún àlùfáà pé Jésù bí ọmọ, ọwọ́ wọn ló wà. Ifá kò rí irú èyí nínú Bíbélì: Káyọ̀dé Fáyẹmí, gómìnà Èkìtì tẹ́lẹ̀, Kátólíìkì ni, ó sì ń jẹ́ Fáyẹmí.

Ọmọ onílù kan, Ọ̀yọ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìrìbọmi kó gbogbo wa pọ̀. Mùsùlùmí ni wá, Àyán ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé wa. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àfáà á fún ọmọ ní orúkọ Lárúbáwá, Àyán á sì dúró síbi tó wà. Iṣẹ́ ni Àyàn lójú tiwa.

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, sà. Àwọn bàbá ńlá yín bọ Àyàn, wọn ò kàn lù ú lásán. Ṣùgbọ́n mo gbà pé iṣẹ́ tí ẹ kò fi sílẹ̀ ló dáàbò bo orúkọ náà.

Akọ̀wé kóòtù kan, Abẹ́òkúta: Ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ padà, kó wá búra ní kóòtù, kó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ìwé ẹ̀rí àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ tún un ṣe ní báǹkì. Àwọn ọmọ bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa: méjì ti di Olúlànà, ẹ̀gbọ́n wọn ṣì ń jẹ́ Ògúnlànà, orúkọ bàbá ló sì wà lórí ìwé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò yanjú, àfi ìgbà tí àwọn méjèèjì búra pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́, mà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí a ó máa pè é ni mo bi yín. Àwọn kan wà tí kì í pààrọ̀ orí, wọ́n kàn ń gé e dànù ni: Fáyẹmí á di Yẹmí. Ṣé ìpààrọ̀ nìyẹn náà?

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn: Rárá, ìbẹ́lórí ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ìyẹn sínú ìwé.

Ajíhìnrere, Ìlọrin: Mo ti sọ ti Fadékẹ́mi fún arábìnrin náà. Ìrìbọmi ni mo ṣì dìbò fún.